Òkè Tó Ń Rọra Rìn: Títo Àwòrán Ẹ̀yìn ní Ìpele fún Eré Kàtúùnù

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, tó sì jókòó sẹ́bàá fèrèsé, yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níta ló ń sá padà sẹ́yìn bákan náà. Koríko ẹ̀bá títì ń fò kọjá débi pé ojú ò lè mú ewé kan ṣoṣo. Àwọn ilé tó wà lẹ́yìn koríko ń kọjá lọ, síbẹ̀ èèyàn ráyè ka fèrèsé wọn. Oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé ń lọ jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti òkè Ìdànrè fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ń bá ọkọ̀ rìn.

Ìyàtọ̀ eré yìí ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tó sún mọ́ni àti ohun tó jìnnà síni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe ìṣirò. Bí ayàwòrán bá ya gbogbo ọ̀nà Ìdànrè sórí bébà kan ṣoṣo, tó wá fa bébà náà kọjá níwájú kámẹ́rà, koríko, ilé àti òkè á jọ máa sá ní eré kan náà, òǹwòran á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bébà ni wọ́n ń fà. Ohun tí àwọn oníkàtúùnù ń ṣe ni pé wọ́n ń ya nǹkan kọ̀ọ̀kan sórí ìpele tirẹ̀, wọ́n á sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní eré tirẹ̀. Paralásì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ìran kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí máa tẹ̀ lé: ọmọbìnrin kan gbé àtẹ ọsàn lérí, ó ń rìn lọ sápá ọ̀tún ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, kámẹ́rà sì ń bá a lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì tó máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé bébà dúdú ṣe fíìmù, ti ń to gíláàsì lórí ara wọn lábẹ́ kámẹ́rà nígbà tó ń ṣe fíìmù Ọmọọba Achmed, èyí tó jáde ní 1926. Ní 1933, Ub Iwerks ní Amẹ́ríkà tú ẹ̀yà ara ọkọ̀ Chevrolet àtijọ́ kan, ó sì fi kan ẹ̀rọ tirẹ̀. Iléeṣẹ́ Walt Disney ló wá sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Ẹ̀rọ tí William Garity darí kíkàn rẹ̀ ga tó mítà mẹ́rin. Kámẹ́rà wà lókè téńté, ó dojú kọlẹ̀, ìpele àwòrán tó lè tó méje sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sórí gíláàsì. Wọ́n fi The Old Mill dán an wò ní 1937, fíìmù kékeré kan nípa ilé ìlọkà àtijọ́ tí ìjì jà lóru, fíìmù náà sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar.

Òṣùpá ló ń dààmú Disney. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ àwòrán abúlé lóru, tó sì jẹ́ pé orí bébà kan náà ni ilé àti òṣùpá wà, bí ilé ṣe ń tóbi ni òṣùpá náà á máa tóbi, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí òṣùpá tóbi sí rí nítorí pé ó rìn díẹ̀ sí iwájú. Ìran tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọrùn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kò sí ohun tó ń tóbi, kò sí ohun tó ń kéré. Kí ìpele máa yọ̀ sápá òsì nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ géèmù inú ṣọ́ọ̀bù pàápàá fi lè ṣe é ní 1982, nígbà tí iléeṣẹ́ Irem ti Japan gbé Moon Patrol jáde, tí ọkọ̀ kan ń fò lórí kòtò, tí àwọn òkè ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń lọ ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lónìí, ètò ọ̀fẹ́ bí OpenToonz àti Blender lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán. Ohun tí ètò náà ò lè bá èèyàn ṣe ni pé kó mọ eré tó yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló máa ń fojú bu eré yìí. Wọ́n á ní kí òkè rọra lọ, kí igi yá díẹ̀, kí koríko yá gan-an, wọ́n á sì máa yí nọ́ńbà síwá sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà ló ń sọ eré tí ilẹ̀ máa sá, jíjìnnà nǹkan kọ̀ọ̀kan sì ló ń pín eré náà fún àwọn ìpele yòókù.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò. Ojú àwòrán fẹ̀ tó píksẹ́lì 1920, ó sì ga tó 1080. Férémù 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ọmọbìnrin náà ga tó mítà 1.4, tí wọ́n sì yà á ní píksẹ́lì 224, bí ìdá kan nínú márùn-ún gíga ojú àwòrán. Ìyẹn ni pé píksẹ́lì 160 dúró fún mítà kan níbi tó wà. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan tó sẹ̀ǹtímítà 60, èyí tó jẹ́ píksẹ́lì 96. Bó bá ń gbé ẹsẹ̀ méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti rin píksẹ́lì 192. Pín in sí férémù 24, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ̀ sẹ́yìn ní píksẹ́lì 8 ní férémù kọ̀ọ̀kan. Eré gidi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn náà nìyẹn, mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nọ́ńbà mẹ́jọ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ayàwòrán bá sọ ọ́ di 10 nítorí pé ó fẹ́ kí ìran yá, tí kò sì yí ìrìn ọmọbìnrin náà padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ lórí ilẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ ọṣẹ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ò le: ẹ ya òkúta kékeré kan sójú ọ̀nà síbi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ balẹ̀, kí ẹ wá máa ṣí férémù lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí tó fi máa gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò nílẹ̀, òkúta àti gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ara wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan jíjìnnà. Ohun tó bá jìnnà sí kámẹ́rà ní ìlọ́po méjì ń sá ní ìdajì eré. Èyí tó jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin ń sá ní ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà ní mítà 10 sí kámẹ́rà. Àwọn ilé wà ní mítà 20, nítorí náà píksẹ́lì 4 ni tiwọn. Oko kòkó wà ní mítà 40, ó ń gba píksẹ́lì 2. Koríko tó wà níwájú ọmọbìnrin náà jẹ́ mítà 5 péré sí kámẹ́rà, òun sì ń sá ní píksẹ́lì 16. Òkè wà ní mítà 640, ìlọ́po 64, ohun tó kàn án kò ju 0.125 lọ: píksẹ́lì kan ṣoṣo ní gbogbo férémù mẹ́jọ.

Ìpín yìí kan náà ló ń sọ bí nǹkan ṣe máa tóbi tó. Lọ́dọ̀ àwọn ilé, mítà kan jẹ́ píksẹ́lì 80, torí náà ilé tó ga ní mítà 4 jẹ́ píksẹ́lì 320. Òkè tó ga ní mítà 200 jẹ́ píksẹ́lì 500, bí ìdajì ojú àwòrán. Ẹni tó bá ya ilé rẹ̀ tóbi bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó wá fún un ní eré ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ti fi ìròyìn méjì tó ń ta kora ránṣẹ́ sí ojú òǹwòran. Òǹwòran lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n á sọ pé ilé yẹn ò dà bí ilé.

Ibí yìí ni owó àti àkókò ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọjọ́ púpọ̀ ya òkè gbọọrọ tó gùn bí okùn, nítorí pé òkè ló gba ojú, tí wọ́n á wá ya koríko ránpẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ. Ìṣẹ́jú àáyá 10 jẹ́ férémù 240. Fífẹ̀ tí ìpele kan nílò ni fífẹ̀ ojú àwòrán, kí a fi gbogbo ìrìn tó máa rìn kún un. Ìrìn ojú ọ̀nà jẹ́ píksẹ́lì 1920, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 3840. Ti ilé jẹ́ 2880, ti kòkó jẹ́ 2400. Òkè kò ní ju 1950 lọ, torí pé píksẹ́lì 30 péré ló máa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Koríko iwájú, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ló nílò 5760.

Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa jókòó ya koríko tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ẹyọ kan tó fẹ̀ ní 1920, kí ẹ tò ó ní mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Eré tó ń sá ò ní jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ewé kan náà ló ń padà wá. Ohun tó kù ni kí etí òsì rẹ̀ bá etí ọ̀tún mu. Nínú ètò Krita, bí a bá tẹ `W`, àwòrán á máa tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹni bí a ṣe ń yà á, ojú ìsopọ̀ tí kò dán á sì fara hàn lọ́gán. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe irú àtúntò yìí fún àwọn ilé. Àwọn tó wo The Flintstones, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1960, mọ̀ ọ́n dáadáa: Fred á máa sá lọ nínú ilé rẹ̀, fèrèsé kan náà á sì máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀ léraléra. Ìran wa ò tiẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí pé ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láti kún píksẹ́lì 2880.

Ní ti ọ̀nà tí ìpele ń gbà rìn, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbà. Kí a má ṣe fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìrìn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ dúró kí oníbàárà pè é, tí ìpele márùn-ún sì ní ìrìn márùn-ún, ó dájú pé ọ̀kan á dúró ṣáájú èkejì, ilé á sì máa yọ̀ nígbà tí ọ̀nà ti dúró. Kámẹ́rà nìkan ni kó ní ìrìn, kí àwọn ìpele máa mú tiwọn nínú rẹ̀:

```
x = -kamera * ipin
```

Ìpín koríko jẹ́ 2, ti ojú ọ̀nà jẹ́ 1, ti ilé jẹ́ 0.5, ti kòkó jẹ́ 0.25. Nínú Godot, tí àwọn onígéèmù ń lò, ohun tí `scroll_scale` ń ṣe lára `Parallax2D` nìyí. Nínú OpenToonz, a lè fi `Z` gbé ìpele sẹ́yìn, kí ètò náà fúnra rẹ̀ ṣe pípín. Èyíkéyìí tí a bá lò, bí kámẹ́rà bá rọra dúró, gbogbo ìpele á jọ rọra dúró.

Wàyí o, ìṣirò lè pé kí ìran sì ṣì dà rú. Òkè ló kọ́kọ́ máa ń fi í hàn. Píksẹ́lì kò ṣeé là sí mẹ́jọ, nítorí náà ètò tó bá ń sún nǹkan ní odidi píksẹ́lì nìkan á fi òkè sílẹ̀ fún férémù méje, á wá ta á jàǹtì ní ìkẹjọ. Ìgbà mẹ́ta ni ìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á sì rí i lẹ́bàá òkè níbi tí àpáta dúdú ti pàdé ojú ọ̀run funfun. Ètò tó bá mọ bí a ti ń po àwọ̀ píksẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀ kì í ní wàhálà yìí. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ mú kí etí òkè rí bàìbàì díẹ̀. Àwọn mìíràn á kàn rẹ́ òótọ́ jẹ, wọ́n á fún òkè ní píksẹ́lì 0.5 ní férémù kọ̀ọ̀kan dípò 0.125. Kò burú: òkè á dà bí ohun tó sún mọ́ni díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n á fara hàn pé ó ń rìn, kò sì sí òǹwòran tó máa gbé tépù dání.

Ìdààmú kejì yani lẹ́nu jùyẹn lọ. Ká ní ayàwòrán fi ọgbà ọparun kúkurú kan sí ìpele iwájú, níbi tí ìpele ti ń sá ní píksẹ́lì 16, tó sì to àwọn ọparun náà ní píksẹ́lì 20 sí ara wọn. Ní férémù kejì, ọparun kejì ti dé ibi tó fi píksẹ́lì 4 ju ibi tí èkíní wà tẹ́lẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Àwọn ọparun jọra bí ìbejì. Ojú ò mọ èyí tó jẹ́ èyí, ó sì máa gbà pé èkíní ló rìn díẹ̀ sọ́tùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọgbà á ṣe máa rọra rìn síwájú pẹ̀lú ọmọbìnrin náà, nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń sá sẹ́yìn. Bí àyè àárín wọn bá jẹ́ píksẹ́lì 16 gẹ́lẹ́, ọgbà ò ní rìn rárá.

Òrùlé páànù náà ń ṣe é. Ìlà kan sí èkejì lára páànù jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 7.6, ìyẹn píksẹ́lì 6 lọ́dọ̀ àwọn ilé, ilé sì ń rìn ní 4. Ẹni tó bá fi sùúrù ya gbogbo ìlà páànù á rí òrùlé tó ń ṣàn lọ sọ́tùn-ún lórí ilé tó ń lọ sósì. Kó fi ìlà sílẹ̀, kó ya ìpẹtà. Ojú ìpẹtà kan ò jọ èkejì, nítorí náà ojú lè tẹ̀ lé e. Ti ọgbà, kí àyè àárín àwọn ọparun má dọ́gba, kí díẹ̀ tẹ̀, kí òmíràn ṣẹ́, kí a sì na àwòrán ìpele náà bàìbàì láti òsì sí ọ̀tún, ní nǹkan bíi píksẹ́lì 8, ìdajì ohun tó ń rìn ní férémù kan. Kámẹ́rà gidi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó bá sá kọjá níwájú rẹ̀.

Ibi tí ìpele ti pàdé ìpele ni ìṣòro tó kù wà. Láàárín ọ̀nà tó ń rìn ní 8 àti ilé tó ń rìn ní 4, ilẹ̀ kan wà. Bí ayàwòrán bá ya ilẹ̀ náà mọ́ ìdí ilé, tó wá jẹ́ kó kan etí ọ̀nà láìsí ohunkóhun láàárín, òǹwòran á rí ibi tí ilẹ̀ méjì ti ń yọ̀ lára wọn, àfi bí ìgbà tí ìgboro já kúrò lára títì. Àwọn tó ṣe géèmù Street Fighter II ní 1991 mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀: ṣe ni wọ́n gé ilẹ̀ ìjà sí ìlà tín-ín-rín, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń sún ní eré tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èyí tó tẹ̀ lé e. Fún ìran wa, ọ̀nà tó rọrùn ni kí a fi nǹkan bo ibẹ̀: gọ́tà, ebè ẹ̀fọ́, tábìlì àwọn olóúnjẹ, igi ìdáná tí wọ́n tò jọ. Ara ìpele ọ̀nà ni kí nǹkan yìí wà, kó ga díẹ̀ kó lè bo ìdí ilé.

Lẹ́yìn ilé náà kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹni tó ya gbogbo ìran pọ̀ kó tó gé e sí ìpele máa ń gbàgbé pé ohun tí ilé bò ní férémù kìíní á yọjú kó tó di férémù 240. Ilé ń fi kòkó sílẹ̀ ní píksẹ́lì 2 ní férémù kọ̀ọ̀kan. Lópin ìran, píksẹ́lì 480 nínú oko kòkó ti jáde síta láti ẹ̀yìn ilé. Bí wọn ò bá ya kòkó síbẹ̀, ihò ni òǹwòran máa rí. Kí a tètè mọ̀, ẹ pa gbogbo ìpele, kí ẹ wá máa ṣí wọn ní méjì méjì láti ẹ̀yìn wá, kí ẹ sì sá kámẹ́rà dé òpin nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àwọ̀, ọyẹ́ ti kọ́ wa. Lójú ọjọ́ ọyẹ́, òkè Ìdànrè máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ mọ́ ojú ọ̀run. Ohun tó jìnnà gbọ́dọ̀ ṣá, kí dúdú rẹ̀ má dúdú tán, kí funfun rẹ̀ má mọ́ tán. Òkè tí a fi dúdú kirikiri kùn á máa fò wá síwájú oko kòkó, bó ti wù kí eré rẹ̀ lọ́ra tó.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Pẹlẹbẹ ni ìpele. Ilé tó kọjú sí títì á dára lórí rẹ̀, nítorí pé iwájú rẹ̀ nìkan là ń rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin náà bá dé oríta, tí títì mìíràn sì gba àárín ilé méjì wọlé lọ síhà òkè, ojú ń retí pé ẹ̀gbẹ́ ilé á máa ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń kọjá, bẹ́ẹ̀ páálí kò ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn ayàwòrán kan á fi igi ńlá kan dí ẹnu oríta. Àwọn mìíràn á kọ́ ilé méjì yẹn nìkan sínú Blender gẹ́gẹ́ bí ilé tó ní igun mẹ́rin, wọ́n á kun ògiri rẹ̀ kó bá ìyókù mu, wọ́n á sì gbé e sí mítà 20 láàárín àwọn ìpele pẹlẹbẹ. Kí kámẹ́rà inú Blender yẹn náà jẹ́ èyí tó ń darí gbogbo ìpele tó kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé onígun mẹ́rin á máa sá ní eré tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò bá a sá.